Nígbà Tí Oògùn Kan Bá Dí Ọ̀nà fún Èkejì Nínú Ẹ̀dọ̀

Nínú ẹ̀kọ́ nípa àwọn oògùn tí a fi ń tọ́jú ìsoríkọ́, ohun tí ó máa ń ṣòro jù fún akẹ́kọ̀ọ́ láti gbà ni pé oògùn lè di májèlé lára aláìsàn tí kò fi hóró kan lé iye tí dókítà kọ fún un. Ohun tí ó ti wà lọ́kàn gbogbo ènìyàn ni pé ẹni tí ó bá lo àlòjù ni oògùn ń ṣe ní jàǹbá, nítorí náà, bí aláìsàn bá dé pẹ̀lú àmì májèlé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó ń ti ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ jáde ni iye tí aláìsàn náà gbé mì. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí pé iye oògùn tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò ti ọwọ́ ohun tí ń wọlé nìkan wá. Ohun tí ń jáde náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìjáde yìí.

Nínú ẹ̀dọ̀ ni àwọn ẹ́ńsáìmù wà, èyíinì ni àwọn èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, tí wọ́n ń mú kí nǹkan kan yí padà di òmíràn kíákíá. Ìdílé kan nínú wọn, tí a ń pè ní sítókíróòmù P450, ni ó ń yí ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn padà di ohun tí omi lè gbé, kí kíndìnrín tó lè tú u jáde nínú ìtọ̀. Orúkọ ọmọ ìdílé náà tí àpilẹ̀kọ yìí yóò máa tẹ̀ lé ni CYP2D6, bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé àti èsì àyẹ̀wò. Adènà ẹ́ńsáìmù ni oògùn tí ó bá jókòó sí ojú iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà tí kò jẹ́ kí oògùn mìíràn rí àyè wọlé. Àwọn adènà kan máa ń kúrò nígbà tí wọ́n bá tán nínú ẹ̀jẹ̀, bí i fuluọsẹ́tììnì. Àwọn mìíràn, bí i parọsẹ́tììnì, máa ń ba ẹ́ńsáìmù tí wọ́n bá dì mọ́ jẹ́ pátápátá, débi pé ara ní láti ṣe tuntun kí iṣẹ́ tó padà bọ̀ sípò.

Kí a tó mọ orúkọ ẹ́ńsáìmù yìí rárá ni a ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1967, Hammer àti Sjöqvist ní orílẹ̀-èdè Súwídìn wọn iye oògùn ìsoríkọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn tí ń lo ìwọ̀n kan náà, wọ́n sì rí i pé ti ẹnì kan lè ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 30. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Robert Smith, tí ó jẹ́ olùwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Sẹ́ńtì Mérì ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé oògùn ìfúnpá kan tí ń jẹ́ débírísókúìnì mì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìdánwò, ìfúnpá tirẹ̀ nìkan ni ó sì wálẹ̀ burúkú láàrin wọn. Ara rẹ̀ kò lè yí oògùn náà padà. Ìwádìí tí ó ti inú èyí jáde, tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 1977, fi hàn pé àbímọ́ni ni àìlágbára ẹ́ńsáìmù náà jẹ́ fún àwọn kan. Ìtàn Smith yẹ kí ó ṣáájú nínú kíláàsì, nítorí ohun tí adènà ń ṣe ni pé ó ń sọ ẹni tí a bí pẹ̀lú ẹ́ńsáìmù pípé di irú Smith fún ìgbà díẹ̀, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú àbímọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fuluọsẹ́tììnì ní ìparí ọdún 1987, ọ̀pọ̀ dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kún àwọn oògùn ìsoríkọ́ àtijọ́ tí a ń pè ní olórùka mẹ́ta, nítorí òrùka mẹ́ta tí ó so kọ́ra nínú ẹ̀yà wọn: amitiripitílììnì, nọtiripitílììnì, imipiramíìnì àti desipiramíìnì. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé pé iye àwọn oògùn àtijọ́ wọ̀nyí nínú ẹ̀jẹ̀ ń fò sókè. Ìwádìí kan tí Sheldon Preskorn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ní ọdún 1994 fi fuluọsẹ́tììnì 20 mílígíráàmù àti sátíràlíìnì 50 mílígíráàmù wé ara wọn lórí desipiramíìnì: fuluọsẹ́tììnì sọ ọ́ di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ohun tí sátíràlíìnì fi kún un kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tún wò níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti dá fuluọsẹ́tììnì dúró, iye desipiramíìnì kò tíì padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìpoògùn sábà máa ń mọ àtẹ àwọn adènà lórí bí ẹni mọ ABD, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ọpọlọ sì mọ bí aláìsàn ṣe ń rí nígbà tí nǹkan bá wọ́. Àtẹ tí a kọ́ sórí kò wúlò tó bí a ṣe máa ń rò, nítorí kò sọ bí iye yóò ṣe gòkè tó, kò sì sọ ọjọ́ tí yóò dé ibẹ̀. Ìṣirò kékeré kan ni ó ń sọ ọ́, ó sì dára kí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ jókòó ṣe é.

Bí aláìsàn bá ti ń lo oògùn lójoojúmọ́ fún ìgbà tí ó tó, ohun tí ń wọlé àti ohun tí ń jáde yóò dọ́gba, iye inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì dúró lójú kan. Iye tí ó dúró sí yìí ni ìwọ̀n tí ń wọlé lójúmọ́ tí a fi agbára ìmúkúrò pín. Agbára ìmúkúrò ni bí ara ṣe ń yára gba oògùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tó:

```
C = D / K
```

Nínú rẹ̀, C dúró fún iye inú ẹ̀jẹ̀, D fún ìwọ̀n tí ń wọlé, K fún agbára ìmúkúrò. Bí D kò bá yí padà tí K sì wálẹ̀ sí ìdajì, C yóò di ìlọ́po méjì. Ó dà bí àgbá omi tí ẹnu ẹ̀rọ ń da omi sí lójú kan náà, tí ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń jò: kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ, ihò ni ìdọ̀tí dí.

Kí a mú aláìsàn kan tí olùkọ́ ṣẹ̀dá fún kíláàsì, ẹni ọdún 52, tí ó ń lo nọtiripitílììnì 75 mílígíráàmù ní alaalẹ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé nánógíráàmù 100 ni ó wà nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó dára, nítorí pé àárín 50 sí 150 ni a ti ń rí àǹfààní oògùn yìí. Kí a sọ pé nínú gbogbo 100 tí ara rẹ̀ ń mú kúrò, CYP2D6 ni ó ń ṣe 80, àwọn ọ̀nà mìíràn sì ń ṣe 20. Ìsoríkọ́ rẹ̀ kò tíì lọ tán, dókítà sì fi fuluọsẹ́tììnì 20 mílígíráàmù kún un ní àárọ̀. Kí a sọ pé adènà náà gbà 65 lọ́wọ́ CYP2D6, tí ó ṣẹ́ ku 15. Gbogbo ìmúkúrò tí ó kù di 35 dípò 100, iye inú ẹ̀jẹ̀ sì di 100 ní ìlọ́po 100 tí a fi 35 pín, èyíinì ni nǹkan bí 286. Oògùn tí ó wà láàrin ààlà tẹ́lẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta, aláìsàn kò sì gbé hóró kan mì ju bí a ṣe kọ ọ́ lọ. Ìṣirò yìí náà ni ó ń jẹ́ kí a mọ ìgbà tí adènà kò ní já mọ́ nǹkan kan: bí ó bá ṣe pé 20 péré nínú 100 ni ẹ́ńsáìmù náà ń ṣe, kódà bí adènà bá pa á mọ́ pátápátá, iye inú ẹ̀jẹ̀ kò ní ju 125 lọ.

Ìṣirò iye rọrùn; ti àkókò ni ó máa ń gba gbogbo kíláàsì, ibẹ̀ sì ni jàǹbá ti ń wọlé. Àkókò ìdajì oògùn ni ìgbà tí iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fi ń dín kù sí ìdajì, a sì mọ̀ pé oògùn máa ń gba nǹkan bí àkókò ìdajì márùn-ún kí ó tó dúró sí iye tuntun. Ti nọtiripitílììnì jẹ́ nǹkan bí wákàtí 30, nítorí náà lábẹ́ ipò tí ó yẹ, ọjọ́ mẹ́fà tàbí díẹ̀ lé ni a ó fi dúró. Ṣùgbọ́n bí ìmúkúrò bá dín kù sí 35 nínú 100, àkókò ìdajì náà yóò gùn sí nǹkan bí wákàtí 86, iye tuntun yóò sì gba nǹkan bí ọjọ́ 18. Fuluọsẹ́tììnì fúnra rẹ̀ kò sì dé ojú agbára rẹ̀ lọ́jọ́ kan: bí aláìsàn bá ti ń lò ó pẹ́, àkókò ìdajì rẹ̀ máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà, ohun tí ẹ̀dọ̀ sì ń sọ ọ́ dà, tí a ń pè ní nọfuluọsẹ́tììnì, tí òun náà jẹ́ adènà, lè wà nínú ara pẹ̀lú àkókò ìdajì tí ó wà láàrin ọjọ́ mẹ́rin sí 16. Agbára adènà ń pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí oògùn tí ó ń dí ọ̀nà fún ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò tí a ṣe ní kùtùkùtù fi lè tan dókítà jẹ. Bí a bá fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn yìí ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣeé ṣe kí èsì jẹ́ nǹkan bí 145, tí ó ṣì wà lábẹ́ ààlà, kí dókítà sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé oògùn méjèèjì ń bá ara wọn gbé ní àlàáfíà, kí ó sì fún aláìsàn ní ọjọ́ ìpadàbọ̀ oṣù kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìṣirò yóò béèrè pé ọjọ́ mélòó ni ó ti kọjá, yóò sì fẹ́ àyẹ̀wò mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, tí a fà ní nǹkan bí wákàtí 12 lẹ́yìn oògùn alẹ́, nítorí pé èyí tí a bá fà láìpẹ́ sí ìgbà tí a gbé oògùn mì yóò ga ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, ìyàwó aláìsàn náà mú un padà wá. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, kò lè tọ̀ dáadáa, kò tíì yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó sì ń bá àwọn tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀ ní òru. Ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 118 láàrin ìṣẹ́jú kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wo fáìlì nìkan yóò sọ pé ìsoríkọ́ náà ti le sí i, ó ti di èyí tí ń dá ènìyàn lọ́kàn rú, yóò sì dábàá kí a fi kún oògùn tàbí kí a fi haloperidọ́lì lé e. Haloperidọ́lì sì jẹ́ oògùn tí CYP2D6 ní ọwọ́ nínú ìyípadà rẹ̀, tí òun náà ń dènà ẹ́ńsáìmù ọ̀hún. Nínú gbogbo àṣìṣe tí ẹ̀kọ́ yìí wà láti dí lọ́nà, èyí ni ó burú jù, nítorí pé àmì májèlé farajọ àìsàn tí a fi oògùn náà wò.

Abíyá aláìsàn ni olùkọ́ tó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n fọwọ́ kàn. Bí ibẹ̀ bá gbẹ táútáú tí ara sì gbóná, tí etí kò gbọ́ ariwo ìfun nínú ikùn, ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí oògùn olórùka mẹ́ta tí ó pọ̀ jù, nítorí pé ó ń dí iṣẹ́ asetilikolíìnì lọ́wọ́, ìyẹn èròjà tí iṣan ara fi ń pàṣẹ fún òógùn, ìfun àti àpò ìtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ara tutù fún òógùn, tí ìfun ń kùn gan-an, ó yẹ kí a ronú nípa sẹrotóníìnì tí ó pọ̀ jù, nítorí pé oògùn méjèèjì ń gbé e sókè. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò, a ó fi ọwọ́ kan gbé orúnkún aláìsàn dúró kí ó rọ̀, a ó fi èkejì ti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè lójijì, a ó sì dì í mú níbẹ̀: bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n lọ gbọ̀n bọ̀ láìdúró, àmì sẹrotóníìnì ni. Àwọn méjèèjì lè pàdé lára ẹnì kan, àmọ́ ti aláìsàn wa yìí gbẹ pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí a yára gbé ẹ̀rọ tí ń ya ìlù ọkàn sórí bébà wá. Apá tí ó ń fi ìgbà tí yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn fi gba àṣẹ hàn ni a ń kọ ní QRS. Oògùn olórùka mẹ́ta ń dí ihò tí sódíọ̀mù ń gbà wọ inú iṣan ọkàn, àṣẹ sì ń fà, apá yìí sì ń gbòòrò. Ìwádìí Boehnert àti Lovejoy ní ọdún 1985 lórí àwọn tí ó gbé oògùn olórùka mẹ́ta mì ní àlòjù fi hàn pé tí ó bá ju 100 mílísẹ́kọ́ńdì lọ, gìrì lè dé, tí ó bá sì ju 160 lọ, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ní ìlùkulù. Ti aláìsàn wa jẹ́ 116. Kò sí ìdí láti dúró de èsì ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó dé, tàbí kí ó má sí ilé àyẹ̀wò tí ó lè ṣe é rárá; bébà tí ó ti inú ẹ̀rọ jáde ti sọ ọ̀rọ̀ náà. A ó dá nọtiripitílììnì dúró, a ó fi aláìsàn sí ibi tí a ti lè máa wo ìlù ọkàn rẹ̀, a ó sì fi sódíọ̀mù báíkábónéètì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ní 1 sí 2 mílíìkúífálẹ́ńtì fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, kí a sì tún wo bébà bóyá apá náà ti ń súnmọ́ra. Oògùn tí ń tún ìlù ọkàn ṣe tí òun náà ń dí ihò sódíọ̀mù, bí i kúínídíìnì, kò gbọ́dọ̀ wọ ọ̀rọ̀ yìí. Kúínídíìnì sì tún jẹ́ adènà CYP2D6 tí ó lágbára jù nínú àwọn tí a mọ̀.

Ní Nàìjíríà, amitiripitílììnì ni aláìsàn sábà máa ń bá pàdé ju nọtiripitílììnì lọ, nítorí pé kò wọ́n, ó sì wà nínú ìwé àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé pẹ̀lú fuluọsẹ́tììnì. Ẹ̀kọ́ náà kò yí padà, ó kàn wúwo sí i, nítorí pé ara máa ń fi ẹ́ńsáìmù mìíràn, CYP2C19, sọ amitiripitílììnì di nọtiripitílììnì, kí CYP2D6 tó gba iṣẹ́, fuluọsẹ́tììnì sì ń dí méjèèjì lọ́wọ́. Ohun tí ó ń mú kí ó rọrùn láti bọ́ sínú páńpẹ́ náà ni pé kì í ṣe dókítà ìsoríkọ́ nìkan ni ó ń kọ amitiripitílììnì. Ìyá arúgbó tí àtọ̀gbẹ ń jẹ lẹ́sẹ̀ lè gba 25 mílígíráàmù rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan nítorí ẹsẹ̀ tí ń jó o, kí ó sì gba fuluọsẹ́tììnì ní òmíràn, kí ó sì tún ti kẹ́mísìtì ra tẹbinafíìnì fún lápalàpá tí kò lọ. Tẹbinafíìnì jẹ́ adènà CYP2D6 tí ó lágbára, ìdènà rẹ̀ sì lè wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí hóró rẹ̀ ti tán nínú páálí. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ń kọ oògùn tàbí tí ń tà á, apoògùn nìkan ni ó lè rí gbogbo páálí náà pọ̀, bí ó bá béèrè. Ìbéèrè rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kan oṣù méjì tí ó kọjá, kì í ṣe òní nìkan.

Ọ̀rọ̀ àbímọ́ náà ní ààlà tirẹ̀ níbí. Ẹni tí a bí láìní CYP2D6 tí ń ṣiṣẹ́, bí i Smith, kò ní ohun tí adènà lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà, iye rẹ̀ kò ní yí padà púpọ̀ tí a bá fi fuluọsẹ́tììnì kún un, ṣùgbọ́n iye náà ti ga láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà, irú ẹ̀yà ẹ́ńsáìmù náà kan tí a ń kọ ní CYP2D6*17, tí agbára rẹ̀ kéré ju ti gbogbogbòò lọ, wọ́pọ̀ ju bí ó ṣe wà ní Yúróòpù lọ, ìṣirò 80 àti 20 tí a fi ṣe àpẹẹrẹ kò sì ní bá gbogbo ènìyàn mu. Olùkọ́ tí ó bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ́ni, bí ẹni pé ara gbogbo ènìyàn ni, kò tíì ka ìwádìí 1967 náà dópin.

Ìbéèrè tí ó kù fún kíláàsì ni ti ọjọ́ tí aláìsàn náà yóò tún lo oògùn ìsoríkọ́. Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí a dá fuluọsẹ́tììnì dúró, kí a sì dá nọtiripitílììnì 75 padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, nọfuluọsẹ́tììnì ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, iye 75 yẹn yóò sì tún gun àkàsọ̀ kan náà. Bí a bá fẹ́ lo àwọn méjèèjì pọ̀ dandan, 25 mílígíráàmù ni ibi tí ó bọ́gbọ́n mu láti ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti bébà ìlù ọkàn ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé sátíràlíìnì 50 ni a fi rọ́pò fuluọsẹ́tììnì, a ó ṣì dúró kí fuluọsẹ́tììnì kọ́kọ́ lọ, a ó sì rántí pé ìdènà kékeré tí sátíràlíìnì ní máa ń pọ̀ sí i bí ìwọ̀n rẹ̀ bá gòkè dé 150 tàbí 200. Ẹ̀yìn èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan sábà máa ń béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn mìíràn, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ lórí nọtiripitílììnì 25 pẹ̀lú fuluọsẹ́tììnì, tí ó sì dá fuluọsẹ́tììnì dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé owó ti tán. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ni CYP2D6 yóò máa jí padà díẹ̀díẹ̀, nọtiripitílììnì yóò máa wálẹ̀ lọ sí abẹ́ 50, ìsoríkọ́ náà yóò sì padà ní oṣù kejì, nígbà tí òun àti dókítà rẹ̀ ti gbàgbé pé ó dá oògùn kankan dúró.